Àìsàn Lọ́jọ́ Ìdánwò: Ìwé Dókítà Wo Ló Lè Gba Owó Ọmọ Yín Là?

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, kò kan òun. Láti Magboro dé Ibafo, láti Mowe títí kan Ifo lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi èrè ata àti owó àjọ san owó ìdánwò ọmọ, ọ̀pọ̀ télọ̀ àti kápẹ́ńtà ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ń ṣe ìdánwò ICAN kó lè di àkáńtáǹtì. Òmíràn jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ ṣe IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó gba nọ́ọ̀sì láti ilẹ̀ wa síṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Ẹ̀kẹta ti di lọ́yà níbí, ó tún ń ṣe SQE tó máa sọ ọ́ di lọ́yà ní England.

Owó ńlá ni gbogbo wọn, ọjọ́ wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. ICAN, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, nínú oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá. Ẹni tí ti oṣù karùn-ún bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, oṣù mẹ́fà gbáko ló máa fi dúró. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ibà bá dá ọmọ dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, ìbéèrè tí gbogbo ilé máa ń bi ara wọn ni pé: ṣé owó náà ti wọgbó nìyẹn?

Ìdáhùn ibẹ̀ ni pé kò fi dandan wọgbó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, kì í ṣe bí àìsàn ṣe le tó nìkan ló máa ń gbà á là. Ohun méjì ni àwọn tó ń ṣètò ìdánwò máa ń wò kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Èkínní, ṣé ọmọ náà wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò àbí kò wọ̀ ọ́? Èkejì, ọjọ́ wo ni dókítà rí i? Àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò dáadáa.

ẸNI TÓ WỌLÉ TI SỌ PÉ ARA ÒUN YÁ

Ní ilẹ̀ wa, a máa ń yin ẹni tó bá fi àìsàn lọ síbi iṣẹ́. A ó ní ọmọ ọkùnrin ni, a ó ní kò sọ̀lẹ. Lọ́rọ̀ ìdánwò, ìwà akin yẹn gan-an ló máa ń kóni sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká fi SQE ṣe àpẹẹrẹ. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yìí, ilé-iṣẹ́ Kaplan ló sì ń bá àjọ tó ń ṣe àkóso àwọn lọ́yà ní England ṣètò rẹ̀. Òfin kan wà nínú ìlànà wọn tó sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ṣe ìdánwò ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun yá tó láti ṣe é. Bó bá mọ̀ pé ibà ń ṣe òun kó tó wọlé, tó sì wọlé, kò tún lè padà wá lẹ́yìn tó gbọ́ pé òun kò yege kó wá sọ pé àìsàn ló fà á. Ọ̀pọ̀ àjọ tó ń ṣètò ìdánwò iṣẹ́, àtàwọn yunifásítì pẹ̀lú, ló ń lo irú òfin yìí.

Ẹ má rò pé ìkà ló mú wọn ṣe é. Bí wọ́n bá gbà kí èèyàn ṣe ìdánwò ná, kó wo èsì rẹ̀, kó tó yàn bóyá òun ṣàìsàn tàbí òun ò ṣàìsàn, gbogbo ẹni tó bá gba odo ló máa di aláìsàn lọ́la.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún aláìsàn. Bí àìsàn bá dé kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, kó tètè kọ̀wé pé kí wọ́n sún òun sí ìgbà mìíràn. Bó bá dé láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kó má lọ síbẹ̀ rárá, ọsibítù ni kó gbà lọ, kó sì ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ yá nígbà tó wọlé, tí àìsàn wá kì í mọ́bẹ̀ lójijì, kó ké sí alábòójútó ìdánwò lójú ẹsẹ̀, kó má kàn dìde kó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó nídìí. Alábòójútó máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, ìwé tiwọn fúnra wọn yẹn ló máa jẹ́rìí fún ọmọ yín. Ẹni tó jáde láìsọ̀rọ̀, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé ó lọ.

ÌWÉ ÌSINMI YÀTỌ̀ SÍ ÌWÉ ÌRÒYÌN ÀÌSÀN

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣubú. Gbogbo wa la mọ ẹskúùs-dúútì, pélébé ìwé tí dókítà máa ń fún òṣìṣẹ́ pé kó lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé yẹn dára fún ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò ju pé kí lágbájá sinmi lọ. Kò sọ ohun tó ń ṣe é, kò sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ ìdí tí kò fi lè jókòó kọ̀wé. Ohun tí àwọn onídànwò ń wá ni ìròyìn àìsàn, èyí tí wọ́n ń pè ní mẹ́díkà rìpọ́ọ̀tù lọ́sibítù.

Ìròyìn àìsàn tó péye gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tó ní orúkọ ọsibítù, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù lókè. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí dókítà kọ́kọ́ rí aláìsàn, ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù àti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ àìsàn náà, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe àti ìtọ́jú tí wọ́n fún un. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, ara ẹni yìí kò yá tó láti jókòó ṣe ìdánwò. Dókítà púpọ̀ máa ń gbàgbé gbólóhùn yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ìwòsàn ló wà lọ́kàn wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ẹ rọra rán wọn létí. Nísàlẹ̀ ni kí orúkọ dókítà wà, pẹ̀lú ìbuwọ́lù, sitáǹpù, àti nọ́ńbà tí àjọ MDCN tó ń ṣe àkóso àwọn dókítà ní Nàìjíríà fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o. Ọmọ tó ń jẹ́ Ìyábọ̀ lórí kádì ọsibítù, tó sì jẹ́ pé Màríámù àti orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí fọ́ọ̀mù ìdánwò, èèyàn méjì nìyẹn lójú ẹni tó ń ka ìwé náà. Aya ilé tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ lọ́sibítù, àmọ́ tó fi orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ṣe ìdánwò, irú wàhálà kan náà ló máa bá pàdé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba kádì ni kí ẹ ti sọ orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù.

Kẹ́míìsì kò lè kọ ìwé yìí. Ẹni tó ń ta àgbo kò lè kọ ọ́. Ìwé pásítọ̀ tàbí ti ààfáà pẹ̀lú kò lè dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbúra kóòtù tí wọ́n ń pè ní àfidéfíìtì, èyí tí àwọn kan máa ń sáré lọ ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, kò sí ojú dókítà níbẹ̀. Dókítà tó jẹ́ bàbá ọmọ tàbí ọkọ rẹ̀ náà, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ ọ́, torí wọn kò ní fọkàn tán ìwé rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ní àdúgbò wa, bí ara bá ti gbóná díẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ síwèé ni “maláríà àti taifọ́ọ̀dù”. Wọ́n ti rí gbólóhùn yìí títí ó ti sú wọn. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n sábà fi ń sọ pé taifọ́ọ̀dù ni, àyẹ̀wò aláìlágbára ni, torí ẹni tí kò ní taifọ́ọ̀dù lára lọ́wọ́lọ́wọ́ náà lè ní èsì tó dà bíi pé ó ní in. Èsì maláríà tí lábù kọ ọjọ́ àti orúkọ sí, pẹ̀lú bí ìgbóná ara ṣe pọ̀ tó, níye lórí ju orúkọ àìsàn méjì tí wọ́n kàn so pọ̀ lọ.

NỌ́Ọ̀SÌ MÉJÌ, IBÀ KAN NÁÀ

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká fojú inú wo nọ́ọ̀sì méjì ní Magboro tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe IELTS lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan náà. Mo fi IELTS ṣe é torí òfin tirẹ̀ ṣe kedere. Ẹni tí kò lè wá nítorí àìsàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí dókítà ránṣẹ́ síbi tó ti forúkọ sílẹ̀, ó pẹ́ tán láàárín ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ ìdánwò. Àìsàn ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lágbára, irú èyí tó lè dáni sí ọsibítù. Òtútù àti ọ̀fìnkìn kò sí níbẹ̀. Bí ìdánwò bá jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún yẹn parí sí Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ibà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn méjèèjì ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdánwò. Èkínní ní, ṣé nọ́ọ̀sì kọ́ lòun ni? Ó ra oògùn lọ́dọ̀ kẹ́míìsì, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun gún òun lábẹ́rẹ́ nílé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń bì, kò lè dìde. Ìyá rẹ̀ ń fi omi tútù nu ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ó gba ọsibítù lọ, ó ní kí dókítà kọ̀wé fún òun. Dókítà wò ó, ara rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ mọ́. Kí ni dókítà olóòótọ́ fẹ́ kọ? Ohun tó lè kọ kò ju pé “Ó wá lónìí, ó sọ fún mi pé òun ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá.” Dókítà kò jẹ́rìí sí àìsàn kankan níbẹ̀, ohun tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà ló kọ. Àìsàn ọmọ yìí kì í ṣe irọ́ o, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan láyé tó rí i.

Èkejì lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ Ẹtì nígbà tó rí i pé oògùn kò dúró nínú òun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, maláríà ni, wọ́n dá a dúró, wọ́n fa dírípù sí i lára. Láti orí ibùsùn ló ti ní kí àbúrò òun fi fóònù òun fi ìméèlì ránṣẹ́. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni: orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánwò, ọjọ́ ìdánwò, pé wọ́n ti dá òun dúró sí ọsibítù báyìí láti òní, àti pé ìròyìn dókítà ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kó tó kúrò, ó gba ìwé kékeré tó sọ ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, ó sì san owó ìròyìn àìsàn ní ọ́fíìsì rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọjọ́rú ni ìròyìn jáde. Ó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú èsì lábù, ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ọjọ́ kan sì ṣẹ́kù. Ó tọ́jú ojúlówó ìwé náà sílé, torí wọ́n lè ní kó gbé e wá.

Ibà kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì. Èkejì ní nǹkan tó lè fi bẹ̀bẹ̀, èkínní kò ní. Àwọn àgbà ló sọ pé ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ tí àìsàn wà lára ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ di kíkọ.

Ẹ kíyè sí ìméèlì yẹn dáadáa. Ní àwọn ọsibítù ìjọba ńlá, ìròyìn àìsàn lè pẹ́ ju gbèdéke àwọn onídànwò lọ, torí fáìlì máa ń lọ láti tábìlì kan sí òmíràn. Ẹ má jókòó dúró dè é. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́, kí ìròyìn ńlá wá bá a níbẹ̀. Bí gbèdéke bá kọjá láìgbọ́ ohùn yín, ìwé tó dára jù lọ lè dé kó má wúlò mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin ìyá àti bàbá gan-an. Ẹni tó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ kò lè tẹ ìméèlì, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Kí ìdánwò tó dé, ẹ ní kí ọmọ kọ nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti ìméèlì àwọn onídànwò sórí ìwé kan, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń fi ìwé àjọ yín sí.

ÀÌSÀN TÍ A TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ wà fún àìsàn òjijì. Ọ̀rọ̀ aboyún yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ní fọ́níkú-fọ́ládìde náà yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tó ní wárápá. Nǹkan tí ènìyàn ti mọ̀ kó tó forúkọ sílẹ̀ ni. Bí aboyún bá mọ̀ pé oṣù ìkúnlẹ̀ òun bọ́ sí oṣù ìdánwò, tó san owó, tó wá kọ̀wé lẹ́yìn tó bímọ, wọ́n lè bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ṣáájú. Irú àwọn wọ̀nyí, kí wọ́n ti fi ìwé dókítà béèrè ètò àkànṣe nígbà tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù. Ó lè jẹ́ àfikún àkókò, ó sì lè jẹ́ ààyè láti jáde mu omi kí wọ́n sì lo oògùn. Bí fọ́níkú bá wá kì wọ́n lọ́jọ́ náà, ìwé àtijọ́ nìkan kò tó. Wọ́n ṣì nílò ìwé tuntun tó sọ pé lọ́jọ́ yìí gan-an ni ìrora dé.

OHUN TÍ WỌ́N Ń FÚNNI ÀTI OHUN TÍ WỌN KÌ Í FÚNNI

Bí wọ́n bá gba ẹ̀rí yín, ẹ má retí pé wọ́n á fi máàkì kún máàkì. ICAN ń béèrè 50 kí wọ́n tó sọ pé èèyàn yege. Àkáńtáǹtì tó gba 44 nítorí ibà kò tíì fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ tó 50, àwọn tó máa gbé owó wọn lé e lọ́wọ́ kò sì mọ̀ nípa ibà rẹ̀. SQE sọ ọ́ kedere pé àwọn kì í fi máàkì kún un. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n má ka ìdánwò ọjọ́ náà. Nǹkan ńlá nìyẹn náà, torí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n gbà kí èèyàn ṣe apá kọ̀ọ̀kan SQE láàárín ọdún mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ka ìgbìyànjú yàtọ̀ sí kí wọ́n dá owó padà. Ìbéèrè méjì ni, ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé yín: ṣé ẹ ó ka èyí mọ́ mi lọ́rùn, ṣé owó mi á sì wà fún ìgbà tó ń bọ̀? Ìbéèrè kẹta ni bóyá aago ọdún tí wọ́n fúnni ṣì ń lọ. ACCA, ìdánwò àkáńtáǹtì ti Ìlú Ọba, fúnni ní ọdún méje láti parí ìpele tó kẹ́yìn. Ẹni tó ń sún ìdánwò síwájú gbọ́dọ̀ máa ka ọdún rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣebí èèyàn lè rí ẹni tó máa kọ ọjọ́ tó bá fẹ́ síwèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Àwọn onídànwò lè pe nọ́ńbà ọsibítù, wọ́n lè béèrè dókítà lọ́wọ́ MDCN. Lábẹ́ òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, ọsibítù kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ aláìsàn fún àjèjì láìjẹ́ pé aláìsàn fọwọ́ síwèé pé òun gbà, nítorí náà wọ́n lè ní kí ọmọ buwọ́ lu ìwé àṣẹ kí wọ́n lè wádìí. Ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ òótọ́ kò ní lọ́ra láti buwọ́ lù ú. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ayédèrú, ó lè pàdánù iṣẹ́ náà pátápátá, ayédèrú ìwé sì lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Bí wọ́n bá ní àwọn kò gbà, ẹ kà á kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìwé kò sọ ọjọ́ tàbí kò sọ pé ara ọmọ kò yá láti jókòó, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kan náà, kó wo fáìlì rẹ̀, kó kọ ohun tó wà níbẹ̀ ní kíkún, kí ẹ sì tètè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí gbèdéke rẹ̀ tó kọjá. Bó bá jẹ́ pé dókítà kò rí ọmọ lọ́jọ́ náà rárá, kò sí ẹjọ́ tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kan, kó kọ lẹ́tà sí wa lójú ewé yìí. Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.